Iṣẹ́ tí ẹrù rẹ̀ kì í sùn ní yàrá

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, họ́sítẹ̀lì ni mò ń gbé ní Ifẹ̀, àwa mẹ́fà la wà ní yàrá, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi sì ti kún. ₦5,000 ló wà lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ wo ni mo lè ṣe tí kò ní gba àyè?"

Àbúrò, ọjà ni mo máa ń bá àwọn ará họ́sítẹ̀lì rà, òun ni mo fi ń gbọ́ bùkátà títí mo fi jáde. Owó wọn á wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, màá wà ní ọjà Odò-Ògbè láàárọ̀ Sátidé, kílẹ̀ tó ṣú olúkúlùkù ti gba tirẹ̀. Kò sí ohun tí mo ń kó pamọ́.

Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ mọ̀ ni bó o ṣe máa dá iye lé e. Gàrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà, owó wọn kì í sáré yí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà sọ iye tó o máa gbà tẹ́lẹ̀, kí èrè rẹ wà nínú rẹ̀. Ata, tòmátì àti àlùbọ́sà kò rí bẹ́ẹ̀. Ata tó o rà ní iye kan lónìí lè fò sókè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bó o bá sì ti dá iye lé e, ìwọ lo máa jẹ gbèsè náà. Owó iṣẹ́ ni kó o gbà lórí ìyẹn, kó o sì sọ iye tó o rà á gan-an fún wọn.

Ká ní kọ́ńgò gàrí kan jẹ́ ₦1,000 nítòsí họ́sítẹ̀lì, tó sì jẹ́ ₦850 lọ́jà. (Iye àpẹẹrẹ nìyẹn o, lọ béèrè tòde òní.) Èèyàn mẹ́fà ní kó o ra kọ́ńgò mẹ́ta-mẹ́ta wá, èrè ₦150 lórí kọ́ńgò kan á fún ẹ ní ₦2,700. Kí wọ́n tún san ₦200 kọ̀ọ̀kan lórí ata, ₦1,200 nìyẹn. Bí ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ pẹ̀lú ẹrù bá gba ₦1,200, ₦2,700 ló kù sí ẹ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èèyàn méjì péré ló fún ẹ lówó, ₦100 ló máa kù. Má lọ lọ́jọ́ náà. Dá owó wọn padà, kó o sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bó o bá dé ìdí gàrí, yí kọ́ńgò wọn dé kó o wo ìdí rẹ̀. Àwọn kan ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, èyí tó yẹ kó kún kò sì ní kún mọ́, bí wọ́n tiẹ̀ kó gàrí lé e gegele lókè. Bu gàrí náà sọ́wọ́, kó o fún un. Bó bá dì mọ́ra, kò tíì gbẹ, á bu kó tó tán lọ́wọ́ ẹni tó rà á, ìwọ ni wọ́n sì máa wá bá. Ẹ̀wà, wo ara rẹ̀ bóyá ó ti ń lu ihò.

Ata àti tòmátì ni kó o rà kẹ́yìn, kó o sì gbé e lé orí ẹrù nínú Gana-Mọ́-Gò. Má so ẹnu ọ̀rá tòmátì pa, ooru á mú kó làágùn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Mo máa ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà yàrá sórí ẹyọ bébà, màá fi há ẹnu ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tó bá ń gbé e lọ fún àwọn ará Mọremí, họ́sítẹ̀lì àwọn obìnrin, kó pè wọ́n kí wọ́n wá gbà á níta.

Gbèsè ló ń pa iṣẹ́ yìí. Ẹnì kan ní kí n bá òun rà á, òun á ránṣẹ́ owó tí mo bá dé. Kí n tó dé, ó ti lọ sílé. Gàrí rẹ̀ kò ṣòro fún ẹlòmíràn láti rà, àmọ́ ìdí bẹ́ẹ̀dì mi ni tòmátì náà rà sí, àwọn ará yàrá sì pariwo lé mi lórí. Láti ọjọ́ náà, bí n kò bá tíì rí àlátì lórí fóònù, orúkọ rẹ kì í wọ ìwé mi. Ọ̀rẹ́ kò yọ sílẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ sáà kì í mówó wá, oúnjẹ tí wọ́n kó wá láti ilé ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí ìyẹn bá tán ni wọ́n máa ń wá ẹ. Bí iléèwé bá wọ ìsinmi tàbí ìyanṣẹ́lódì, ó parí nìyẹn títí wọ́n á fi wọlé.

₦5,000 tó wà lọ́wọ́ rẹ, má fi ra ọjà kankan sílẹ̀. Owó ọkọ̀ ni, òun náà lo sì máa fi dí i tí ata bá gbówó lórí ju ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ, kí wọ́n tó san ìyókù nígbà tó o bá gbé e dé.