AMH 0.6: ohun tó ń sọ àti ohun tí kò lè sọ

«Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ ọdún 33 ni mí, oṣù mẹ́jọ ni èmi àti ọkọ mi ti ń retí oyún. AMH mi jẹ́ 0.6. Dókítà ní ẹyin mi ti ń tán, kí n lọ lo ẹyin ẹlòmíì. Ṣé mi ò lè lóyún fúnra mi mọ́ ni?»

Àbúrò mi, AMH, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń fojú díwọ̀n iye ẹyin tó kù, kò lè dá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Inú ń bí mi sí ẹni tó fi ìwé àyẹ̀wò kan ṣoṣo dá ọ lẹ́bi. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n sọ fún èmi náà, mo mọ bó ṣe ń gba oorun lójú èèyàn, ìdí nìyẹn tí màá fi rọra ṣàlàyé rẹ̀.

Àwọn àpò omi wíńníwínní ló wà nínú ilé ẹyin, ẹyin kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lóṣooṣù, mélòó kan nínú wọn á jọ bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, ẹyọ kan ló sábà máa ń yọrí tí ẹyin rẹ̀ á jáde, ìyókù á gbẹ dànù. Àwọn àpò kéékèèké yìí ló ń tú AMH sínú ẹ̀jẹ̀. Iye wọn ni nọ́ńbà yẹn ń bá ọ sọ. Ṣùgbọ́n ẹyin kan ṣoṣo ló sábà ń jáde lára ẹni tí AMH tirẹ̀ jẹ́ 3, ẹyin kan náà ló ń jáde lára tìrẹ. Bí ẹyin náà ṣe dára tó, ọjọ́ orí ló ń pinnu rẹ̀ jù. AMH kékeré kò sọ ẹyin ọmọ ọdún 33 di ti ọmọ ọdún 43.

Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí bí obìnrin 750, ọmọ ọdún 30 sí 44, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá oyún. Nígbà tí nǹkan oṣù 12 fi yípo, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí AMH wọn kò tó 0.7 ni yóò ti lóyún; ti àwọn tí AMH wọn dára jẹ́ ìdá 75. Àlàfo yẹn kò tó ohun tí èèyàn lè fi sọ pé ọ̀kan ju èkejì lọ. Má sì gbàgbé pé àwọn tí kò tíì ní ìṣòro àìrọ́mọbí ni wọ́n wádìí. Ẹni tó ti wá oyún fún ọdún mẹ́ta kò lè fi wọ́n wọn ara rẹ̀.

Ibi tí AMH ti wúlò gan-an ni oyún inú ìgò. Níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń jí ọ̀pọ̀ àpò lẹ́ẹ̀kan náà, AMH ló sì ń jẹ́ kí dókítà fojú díwọ̀n iye ẹyin tó máa rí fà àti ìwọ̀n oògùn tó máa fún ọ. Bí ó bá kéré, ẹyin díẹ̀ ni wọ́n máa rí. Ìyẹn kò ní kí díẹ̀ náà má di ọmọ.

Tún wo ìwé rẹ dáadáa, kí o rí ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà. 0.6 ng/mL jẹ́ bíi 4.3 pmol/L, torí 7.14 ni wọ́n fi ń sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ pmol/L ni wọ́n kọ sí 0.6 tìrẹ, ó kéré ju bí o ṣe rò lọ. Bí o bá ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí títí di ìgbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, ó lè fa AMH wálẹ̀. Dúró bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí o bá dá a dúró, kí o tún un ṣe. Oògùn irun àti èékánná tí báyótìn pọ̀ nínú rẹ̀ náà lè da àyẹ̀wò rú.

Ti skáànù tí wọ́n fi ń ka àwọn àpò náà, láti ojú ara ni kí wọ́n ti ṣe é, ní ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún nǹkan oṣù. Èyí tí wọ́n ń ṣe lórí ikùn máa ń fo àpò púpọ̀, pàápàá bí ọ̀rá ikùn bá pọ̀ tàbí bí ìju bá bo ilé ẹyin. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á gbé ẹ̀rọ náà gba ilé ẹyin já láti etí kan dé èkejì, á máa ka àpò tó wà láàárín mìlímítà 2 sí 10, á sì kọ ti ọ̀tún àti ti òsì lọ́tọ̀. Ìwé tó kàn sọ pé «ilé ẹyin dára» kò ka nǹkan kan.

Ẹ yẹ àtọ̀ ọkọ rẹ wò, kí wọ́n yẹ ọ̀nà tí ẹyin ń gbà wò, kí o sì mọ̀ bóyá ẹyin ń jáde. AMH kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn tó ń ta àgúnmu tó ń «gbé AMH sókè», má fún wọn ní kọ́bọ̀.

Ohun tí màá fi sáré lọ bá dókítà ni bí nǹkan oṣù bá ń fo oṣù, tàbí bí ooru bá ń mú ọ lójijì lóru. Nígbà náà, sọ fún wọn kí wọ́n yẹ FSH wò, èròjà tí ọpọlọ fi ń jí ilé ẹyin, ẹ má dúró kí ọdún pé.