Kẹ̀kẹ́ tó ń gba òtútù padà: kí la máa yẹ̀ wò ká tó rà á?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ là ń kọ́ l'Ádó-Èkìtì. Ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ìta fún wa ní ká fi kẹ̀kẹ́ tó ń gba òtútù padà sí i, ìyẹn àgbá oníhò tó ń yí láàárín afẹ́fẹ́ tó ń jáde àti èyí tó ń wọlé, ká sì ra ẹ̀rọ tó ń lé yìnyín. Ẹ̀rù ń bà mí pé èémí àwọn ọmọ àti òórùn ilé ìtọ̀ á padà wọlé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ra kẹ̀kẹ́, fi ẹ̀rọ yìnyín sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kò lè mú afẹ́fẹ́ tó ń jáde tutù ju ìta lọ, yìnyín kò sì lè mú un àfi tí afẹ́fẹ́ yẹn bá tutù kọjá 0°C. Òwúrọ̀ ọyẹ́ wo ló tutù tó bẹ́ẹ̀ l'Ékìtì? Eruku ọyẹ́ ni kí o bẹ̀rù. Fi fílítà síwájú kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Èyí tó ń gba ọ̀rinrin pẹ̀lú ooru ni kí o mú. Bí ìta bá jẹ́ 32°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 60%, tí inú gbọ̀ngàn sì jẹ́ 24°C àti 50%, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ìta ń kó bá ẹ̀rọ amúlétutù ló jẹ́ ti ọ̀rinrin. Fún lítà 1000 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, gbogbo iṣẹ́ náà tó kílówáátì 34. Kẹ̀kẹ́ tó bá gba 70% padà yóò ṣẹ́ ku bíi 10 fún ẹ̀rọ.

Ní ti èémí, ẹ̀rù rẹ kì í ṣe lásán. Ihò wẹ́wẹ́ inú kẹ̀kẹ́ ń gbé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí díẹ̀ kọjá bó ṣe ń yí, etí rẹ̀ náà sì máa ń jò. Wo iye tí wọ́n kọ sí EATR lórí ìwé ẹ̀rọ náà, ìyẹn ìdá afẹ́fẹ́ àlòkù tó ń bá afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Bó bá jẹ́ 5%, lítà 50 nínú 1000 tó ń wọlé ni afẹ́fẹ́ àlòkù, nítorí náà fáànù gbọ́dọ̀ lè gbé 1053 kó tó fún ọ ní 1000 tó mọ́. ASHRAE 62.1, ìlànà afẹ́fẹ́ ilé tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀, gba 10% fún afẹ́fẹ́ ilé ìtọ̀. Afẹ́fẹ́ orí ààrò tí wọ́n ti ń dín nǹkan kò gbọ́dọ̀ gba inú kẹ̀kẹ́ kọjá rárá.

Ibi tí fáànù wà ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Agbára afẹ́fẹ́ tó ń wọlé gbọ́dọ̀ ju ti èyí tó ń jáde lọ níbi kẹ̀kẹ́, kí jíjò lè máa kọrí síta. Mo dé ilé kan tí fáànù tó ń lé afẹ́fẹ́ jáde ti ń tì í bọ inú kẹ̀kẹ́, tí ti ìwọlé sì ń fà á láti ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fi mítà káábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáídì wọ̀n ọ́n nígbà tí èrò kún inú ilé: ìta 430 nínú mílíọ̀nù, afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti inú yàrá 1030, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba inú kẹ̀kẹ́ wọlé 520. Yọ 430 kúrò nínú méjèèjì: 90 nínú 600, ìyẹn 15%. Nígbà tí a gbé fáànù ìjáde lọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kó lè máa fà á, 520 di 460, ìyẹn 5%. Kí o tó san owó ìkẹyìn fún ẹni tó ta ẹ̀rọ, ní kó wọ̀n ọ́n báyìí níṣojú rẹ, kí àwọn ọmọ wà lórí ìjókòó.