Síìmù wà nínú fóònù, fóònù ní òun ò rí i

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti àná ni fóònù mi ti ń kọ No SIM, bẹ́ẹ̀ síìmù yẹn jókòó dáadáa nínú tíréè ẹ̀, mo ti yọ ọ́ bí ìgbà mẹ́wàá. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ti búlọ́ọ̀kù láìnì mi torí NIN. Ṣé kí n lọ sí ọ́fíìsì wọn ni àbí kí n ríséètì fóònù?"

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì lọ ibì kankan, má sì ríséètì nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ NIN yìí ti sú mi, torí àwọn tó ń gbé e wá bá mi ti máa ń tò sórí ìlà láti àárọ̀ kí wọ́n tó rántí oníṣẹ́ fóònù. Láìnì tí wọ́n bá búlọ́ọ̀kù, fóònù á ṣì rí síìmù ẹ̀. Ó lè kọ Emergency calls only, ó lè kọ No service, ó sì lè jẹ́ pé orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀ àmọ́ tó o bá pe èèyàn kò ní lọ. No SIM ò tíì dé ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Ohun tó ń sọ ni pé fóònù kànkùn, síìmù ò dáhùn. Kódà nínú oko tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, fóònù tó bá rí síìmù ẹ̀ ò ní kọ No SIM.

Yí síìmù ẹ dà kó o wo ojú wúrà yẹn, wàá rí i pé ìlà tín-ín-tín pín in sí ọ̀nà ọ̀nà. Nínú fóònù, àwọn pìnnì kéékèèké wà, mẹ́fà ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n rọ̀ bíi sípíríńgì, kálukú sì ní ibi tó ń fara kàn lójú wúrà yẹn. Ọ̀kan ń gbé iná wá, 1.8 tàbí 3 fóòtù péré, òmíràn ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. Tí ẹyọ kan tó ṣe kókó nínú wọn ò bá kan síìmù, ó tán. Tíréè tó o rí yẹn, àga lásán ni, kì í ṣe òun ló ń bá síìmù sọ̀rọ̀, torí náà síìmù lè jókòó dáadáa kí pìnnì má kàn án.

Màmá kan gbé irú ẹ̀ wá bá mi, ẹnì kan ti ríséètì ẹ̀ fún wọn, gbogbo fọ́tò ọmọ wọn lọ, No SIM ṣì wà níbẹ̀. Mo fi síìmù wọn sínú fóònù mi, ó gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo fi síìmù tèmi sínú tiwọn, No SIM. Ó ti hàn pé síìmù ò bàjẹ́, fóònù ni. Mo wá wo etí síìmù yẹn, ó rí wúruwùru, sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gé e láti ara ti àtijọ́. Síìmù àtijọ́ nípọn tó 0.76 mìlímítà, nánò tòde òní ò ju 0.67 lọ, ìyàtọ̀ yẹn kéré lójú àmọ́ àyè inú fóònù ò gbà á. Nígbà tí mo tú u tí mo fi awò wò ó, pìnnì márùn-ún dúró, ìkẹfà ti sùn sẹ́yìn pátápátá. Ríséètì wo ló fẹ́ gbé irin dìde? Mo yọ bátìrì, mo rọra fi ẹnu abẹ́rẹ́ gbé e sókè. Jọ̀ọ́ má dán èyí wò nílé, tó bá kán, odindi ibi tí síìmù ń wọ̀ la máa pààrọ̀. Bébà tí àwọn kan máa ń ká sẹ́yìn síìmù náà, ńṣe ló ń tẹ pìnnì tó kù mọ́lẹ̀.

Torí náà ṣe bí mo ṣe kọ́kọ́ ṣe yẹn: fi síìmù ẹ sínú fóònù ẹlòmíì, kó o sì fi síìmù ẹlòmíì sínú tìẹ. Tí síìmù ẹ ò bá ṣiṣẹ́ nínú fóònù ẹlòmíì, pa á, yọ síìmù, fi aṣọ gbígbẹ tàbí ìrésà pẹ́ńsù rọra nu ojú wúrà yẹn, má fi ọ̀bẹ ha á o, wúrà yẹn fẹ́lẹ́ gan-an. Tó bá ṣì kọ̀, ìgbà yẹn ni kó o lọ ṣe wẹ́kọ́ọ̀mù báàkì, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa bèèrè NIN lọ́wọ́ ẹ, nọ́ńbà ẹ ò ní yí padà. Tó bá jẹ́ fóònù ni, tẹ *#06#. Tí nọ́ńbà IMEI ò bá jáde tàbí tó jẹ́ òdo ló tò síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti pìnnì, ó lè jẹ́ ti sọ́fítíwíà tàbí ti bọ́ọ̀dù, owó ti bọ́ọ̀dù sì máa ń ga. Mi ò tíì rí fóònù ẹ lójú o, mi ò lè búra.

Dán méjèèjì wò lálẹ́ òní, kó o kọ èyí tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kó o sì sọ fún mi bóyá wọ́n ti gé síìmù yẹn rí.