Òjò ọjọ́ méjì kì í ṣe àròpọ̀

"Ẹ̀yin àgbà, fóònù mi ní òjò 60% lọ́jọ́ Jímọ̀, 50% lọ́jọ́ Sátidé. Iṣu èlùbọ́ ni mo fẹ́ sá lọ́jọ́ méjèèjì. Mo rò ó pọ̀, ó jẹ́ 110%. Ṣé òjò ti dájú nìyẹn?"

Àbúrò, kò dájú, àmọ́ èmi ò ní sá tèmi. Àṣìṣe tèmi yàtọ̀ sí tìẹ, ó sì ná mi lówó. Lọ́dún kan, fóònù ní 30% lónìí, 30% lọ́la. Mo ní kí ni 30 fẹ́ ṣe? Mo bọ iṣu, mo tẹ́ tapólì, mo sá a. Ọjọ́ kìíní, oòrùn ràn dáadáa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni òjò ká wa mọ́ ìta, kí a tó kó o wọlé, ó ti rin gbingbin. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, nǹkan funfun bí òwú ti yọ lára rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi kàn wò ó, wọ́n bá tiwọn lọ ni.

Ká ní àpò méjì ló wà. Ìlẹ̀kẹ̀ 10 wà nínú àpò Jímọ̀: pupa 6 ni òjò, funfun 4 ni oòrùn. Àpò Sátidé ní pupa 5, funfun 5. O dijú, o mú ẹyọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà 100 ni ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì lè gbà pàdé. Funfun 4 ti Jímọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè bá funfun 5 pàdé, 20 nìyẹn. Oòrùn ọjọ́ méjèèjì kò ju 20% lọ. 80% tó kù, òjò á rọ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí 110 rẹ ti wá ni pé pupa àti pupa máa ń pàdé lọ́nà 30, ìwọ sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Yọ 30 kúrò nínú 110, wo ohun tó kù.

Ṣe tèmi náà: funfun 7 lọ́nà 7, 49. Oòrùn ọjọ́ méjì tí mo gbójú lé kò tó ìdajì!

Àmọ́ àpò méjì yẹn gbà pé Jímọ̀ ò mọ Sátidé rí. Òjò ò rí bẹ́ẹ̀ tán, ọjọ́ kan sábà máa ń fara jọ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí funfun bá ń tẹ̀lé funfun, oòrùn ọjọ́ méjèèjì lè ju 20% lọ, ṣùgbọ́n kò lè kọjá 40% ti Jímọ̀ láéláé.

60% yẹn kì í sì í ṣe pé òjò á rọ̀ fún 60% ọjọ́ náà. Nínú ọjọ́ 10 tó bá rí báyìí, bíi 6 ni òjò á kán síbi tó o wà. Kò sọ bóyá á pọ̀ tàbí á kéré, iṣu tó ti gbẹ dé ìdajì ò sì bìkítà.

Bí Jímọ̀ bá lọ láìsí òjò, gbàgbé 80% yẹn. Àpò kan ló kù. Tún fóònù wò lálẹ́ ọjọ́ náà, nọ́ńbà Sátidé lè ti yí padà.