Fọ́tò ìbejì àti sílíìpù NIN lórí sáìtì ọ̀fẹ́

Ìbéèrè: Fọ́ọ̀mù ilé-ìwé tí mo ń kún fún àwọn ìbejì mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní kí pásípọ́ọ̀tù ọmọ kọ̀ọ̀kan má ju 100KB lọ, kí sílíìpù NIN òbí má sì ju 200KB. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí sáìtì ọ̀fẹ́ kan tó ń dín fọ́tò kù, ó sì ṣiṣẹ́. Ọmọ àbúrò mi wá ní mo ti tú àṣírí ilé síta. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n ṣe báyìí? — Ìyá Ìbejì, Ọbantoko, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò yín, ṣùgbọ́n ó bù mọ́ ọn díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí fọ́tò àwọn ọmọ má kó yín sí wàhálà kankan. Sílíìpù NIN yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí ẹ tẹ Upload, fáìlì náà kúrò lórí fóònù yín, ó lọ sórí kọ̀ǹpútà àwọn tó ni sáìtì, níbẹ̀ ni wọ́n ti dín in kù kí wọ́n tó dá a padà fún yín. Èyí tó padà sọ́wọ́ yín ti kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó lọ wà lọ́dọ̀ wọn bó ṣe wà. Àwọn kan máa ń pa á rẹ́ láàárín wákàtí mélòó kan. Àwọn mìíràn ń fi pamọ́, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú àdéhùn gígùn tí ẹnikẹ́ni kì í kà pé àwọn lè lo àwòrán náà bó bá ṣe wù wọ́n. Èyí kì í ṣe àbá lásán. Ní 2021, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà mú ilé-iṣẹ́ Everalbum, tó ni áàpù tí àwọn èèyàn ń kó fọ́tò ẹbí pamọ́ sí, nítorí pé wọ́n fi fọ́tò àwọn oníbàárà kọ́ ẹ̀rọ tí ń dá ojú mọ̀, wọn kò sì pa fọ́tò àwọn tó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn rẹ́ bí wọ́n ṣe ṣèlérí.

Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò àwọn ọmọ. Ojú wọn nìkan kọ́ ló wà nínú fáìlì yẹn. Fóònù máa ń kọ ọjọ́, aago àti irú fóònù sínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, bí kámẹ́rà bá sì ní àṣẹ láti mọ ibi tí ẹ wà, á kọ ìyẹn náà. Nọ́ńbà méjì ló fi ń kọ ọ́. Ẹni tó bá rí 7.15 àti 3.35 kàn mọ̀ pé Abẹ́òkúta ni. Ṣùgbọ́n fóònù kì í dúró síbẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ti pé mẹ́rin lẹ́yìn ojúàmì, ibi tó ń tọ́ka sí kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà 11 lọ, ìyẹn ni pé ọgbà ilé yín gan-an ló ń nawọ́ sí. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé lẹ ti ya àwọn ọmọ, tí ẹ fi aṣọ funfun ṣe ẹ̀yìn fọ́tò, aṣọ funfun kò bo nọ́ńbà yẹn.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ ṣí fọ́tò náà nínú Google Photos, kí ẹ fi ìka fà á sókè. Bí àwòrán ilẹ̀ bá jáde nísàlẹ̀, fọ́tò náà mọ ilé. Àwọn fóònù kan máa ń yọ nọ́ńbà yìí kúrò bí èèyàn bá mú fọ́tò láti inú gálárì fún sáìtì, àwọn mìíràn kì í yọ ọ́, nítorí náà mi ò ní gbára lé e. Láti dá a dúró fún fọ́tò tó ń bọ̀, ẹ wọ Settings inú kámẹ́rà, ẹ wá Location tags tàbí Save location, kí ẹ pa á. Èyí kò kan àwọn fọ́tò tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ o.

Orúkọ fáìlì náà máa ń bá a lọ, àwọn èèyàn kì í sì rántí rẹ̀. Bí ẹ bá ti sọ fáìlì náà ní orúkọ Táyé, orúkọ bàbá rẹ̀ àti kíláàsì rẹ̀ kí ó má bàa pọ̀ mọ́ ti Kẹ́hìndé, ẹ ti fún sáìtì náà ní orúkọ ọmọ. Bí ọmọ bá wọ yunifọ́ọ̀mù tí báàjì ilé-ìwé wà láyà rẹ̀, ẹni tó bá rí i ti mọ ojú ọmọ, orúkọ rẹ̀, ilé-ìwé rẹ̀, bóyá àdúgbò rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó nǹkan. Bí wọ́n bá wà lójú kan ni àjèjì fi lè dúró lẹ́nu géètì ilé-ìwé, kó pe ọmọ lórúkọ, kó ní ìyá rẹ̀ ló rán òun wá. Fún fọ́ọ̀mù, orúkọ bíi `a1.jpg` tó. Ìbejì jọra lóòótọ́, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sórí bébà pé a1 ni Táyé.

Ọ̀rọ̀ sílíìpù le ju èyí lọ. Nọ́ńbà NIN jẹ́ ẹyọ 11, kì í sì yí padà. Èèyàn lè pààrọ̀ pásíwọọ̀dù, ó lè pààrọ̀ káàdì báńkì, ṣùgbọ́n NIN tí wọ́n fún un ló máa lò títí. Orúkọ àti fọ́tò wà pẹ̀lú rẹ̀ lórí bébà kan náà, ọjọ́ ìbí sì máa ń wà lórí àwọn sílíìpù kan. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀daràn, kì í sábà lo nọ́ńbà yẹn tààrà láti wọ àpò owó yín. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé á pè yín bí òṣìṣẹ́ báńkì, á ka orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín àti NIN yín sí yín létí láì ṣì í, ẹ̀yin náà á sì gbà pé báńkì ni lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni á ní kí ẹ ka OTP tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín. OTP yẹn ló ń wá. Nítorí náà, láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹnikẹ́ni tó bá pè mọ NIN yín kì í ṣe ẹ̀rí pé ibi tó lóun ti ń pè ló ti ń pè.

Àwọn kan á ní àwọn ti bo nọ́ńbà náà kí àwọn tó fi ránṣẹ́. Kí ni wọ́n fi bò ó? Búrọ́ọ̀ṣì dúdú inú fóònù sábà máa ń fẹ́lẹ́, pàápàá èyí tó dà bí máákà. Lójú lásán ó dúdú, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fa ìmọ́lẹ̀ fọ́tò sókè, nọ́ńbà á yọ lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ sọ ọ́ di bàìbàì kò dáa tó, nítorí oríṣi mẹ́wàá péré ni nọ́ńbà, ó ṣeé méfò. Gígé náà ti já àwọn èèyàn kulẹ̀ rí: ní 2023 ni wọ́n rí i pé Markup, irinṣẹ́ inú fóònù Pixel, máa ń fi apá tí èèyàn gé dànù sílẹ̀ nínú fáìlì, tó fi jẹ́ pé ó ṣeé dá padà. Ọ̀nà tó dá mi lójú nìyí: ẹ fi ìgun mẹ́rin dúdú tó kún bámúbámú bò ó, kí ẹ wá ya ojú fóònù náà, kí ó jẹ́ fọ́tò tuntun yẹn lẹ máa fi ránṣẹ́. Ilé-ìwé tó fẹ́ rí NIN kò ní gba èyí tí ẹ bo nọ́ńbà rẹ̀, nítorí náà fún wọn, ẹ kọ ọ́ gba àárín sílíìpù kọjá pé fún ìforúkọsílẹ̀ ilé-ìwé yìí nìkan ni, kí ẹ fi ọjọ́ sí i. Ó máa ṣòro fún ẹlòmíràn láti lò ó níbòmíràn. Ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n lè gba vNIN, ìyẹn nọ́ńbà onígbà díẹ̀ tí èèyàn ń fi sílẹ̀ dípò NIN gan-an. NIMC ló ń fúnni ní ìyẹn: ó ní ẹyọ 16, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà fún, ó sì ń kú lẹ́yìn wákàtí 72.

Dídín fọ́tò kù fúnra rẹ̀ kò nílò kí fọ́tò jáde kúrò lọ́wọ́ yín. Bó ṣe fẹ̀ tó ló jẹ́ kó wúwo. Fọ́tò fóònù tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 3000 sí 4000 máa ń gba 3MB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pásípọ́ọ̀tù kò sì nílò ju 600 sí 800 lọ. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ ṣí i nínú Paint, ẹ tẹ Resize, ẹ mú Pixels, kí ẹ kọ 600 sí Horizontal, kí ẹ fi pamọ́ bíi JPEG. Ó sábà máa ń bọ́ sábẹ́ 100KB. Bó bá ṣẹ́kù díẹ̀, ẹ kọ 500. Fún sílíìpù, 1000 dáa, kí lẹ́tà rẹ̀ ṣì lè ṣeé kà.

Bó bá jẹ́ fóònù nìkan lẹ ní, ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp, gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò, kí ẹ gé e kù kó tó lọ. Ó máa dín in kù, ó sì máa yọ nọ́ńbà ibi tí ẹ wà kúrò. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, kò ní ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Sáìtì kan tún wà, `squoosh.app`, tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lórí fóònù yín gan-an. Ẹ̀yin náà lè dán an wò, òun tàbí sáìtì èyíkéyìí tó bá ní òun kì í gba fọ́tò: ẹ ṣí i nínú Incognito, ẹ pa dátà àti Wi-Fi, kí ẹ tó mú fọ́tò náà. Bó bá ṣì dín in kù, orí fóònù ló ti ṣe é. Ẹ pa ojú-ewé náà dé kí ẹ tó tan dátà padà. Bó bá ní kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ti mọ ibi tí fọ́tò yín fẹ́ lọ.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ẹni tó bá ṣe sílíìpù ní Kútọ tàbí Pánsẹ́kẹ́ fi sílíìpù náà sílẹ̀ nínú Downloads kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ni, àfi bó bá pa á rẹ́ pẹ̀lú Shift àti Delete kó tó dìde. Tìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù ju ti sáìtì lọ.

Ní ti èyí tó ti lọ: ẹ wá líǹkì tí sáìtì náà fún yín, bóyá nínú History. Ẹ ṣí i nínú Incognito. Bí fọ́tò bá jáde láì béèrè pásíwọọ̀dù, ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì yẹn lè rí i, nítorí náà bí ẹ bá ti fi líǹkì náà sínú gúrúùpù òbí, ẹ pa á rẹ́ níbẹ̀. Ẹ tẹ Delete bó bá wà. Bí kò bá sí, ẹ kọ ímeèlì sí àdírẹ́sì tó wà nínú Privacy Policy wọn, ẹ fi líǹkì àti ọjọ́ sí i, kí ẹ ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ẹ má so sílíìpù mọ́ ímeèlì náà, bí wọ́n tilẹ̀ ní kí ẹ fi ẹ̀rí ara yín hàn. Òfin Nigeria Data Protection Act ti 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gba àṣẹ òbí kí wọ́n tó lo ìsọfúnni ọmọdé. Bí wọn kò bá dáhùn, NDPC, àjọ tó ń mójú tó òfin yìí, ni ẹ lè fẹjọ́ sùn. Bó bá jẹ́ òkè òkun ni àwọn tó ni sáìtì náà wà, tí wọn kò kọ àdírẹ́sì kankan, ìdáhùn lè má wá. Lórí NIN yín, ẹ ṣe bí ẹni pé ó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ẹ má sì ka OTP fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù.