Má ra RTX 4060 láìbéèrè wáàtì rẹ̀

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì ni mo rí ní Ìkẹjà, RTX 4060 ló wà nínú méjèèjì. Ọ̀kan fẹ́lẹ́, ó rẹwà, ó sì wọ́n ju èkejì lọ. Èkejì nípọn, ó wúwo. Géèmù ni mo fẹ́ máa fi ṣe. Ṣé kí n ra èyí tó fẹ́lẹ́ náà?"

Àbúrò, má tíì sanwó. Wáàtì tí wọ́n fún káàdì gíráfíìsì inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kó o kọ́kọ́ béèrè. NVIDIA fàyè gba àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà láti fún RTX 4060 alágbèéká ní wáàtì 35 títí dé 115, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn á sì máa jẹ́. Tẹ́lẹ̀ rí, wọ́n máa ń kọ Max-Q sára èyí tí wọ́n dín iná rẹ̀ kù, èèyàn á tètè fura. Nígbà tí RTX 30 alágbèéká dé ní 2021, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára orúkọ káàdì, wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa kọ wáàtì tirẹ̀ síta. Àwọn kan ń kọ ọ́ lóòótọ́, ní lẹ́tà wínníwínní, nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí ẹnikẹ́ni kì í kà dé.

Wáàtì 65 ni wọ́n fún tèmi. Kò sí lára páálí, ẹni tó tà á kò sì sọ. Géèmù tó ń lọ geere lórí ti ọ̀rẹ́ mi, RTX 4060 bíi tèmi, ńṣe ló ń wọ́ nílẹ̀ lórí tèmi. Mo gbé e padà. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ẹnjiníà wọn ní Windows ló bàjẹ́, ó fi òmíràn sí i, mo sanwó. Kò yí padà. Ó ní ooru ni, ó tú u palẹ̀, ó pààrọ̀ ìpara tó ń gbé ooru láti ara ṣíìpù sí páìpù bàbà, mo tún sanwó. Kò yí padà. Ó wá ní kí n lọ ra ráàmù sí i! Ọ̀gá tó mọ gbogbo nǹkan, kò fi ìṣẹ́jú kan wo wáàtì.

Ní ìsọ̀, ṣí NVIDIA Control Panel, tẹ Help, tẹ System Information, kó o wá Maximum Graphics Power. Ohun tí ilé iṣẹ́ ṣèlérí nìyẹn. Láti mọ ohun tí káàdì ń rí gbà gan-an, ṣí Command Prompt, tẹ èyí:

```
nvidia-smi --query-gpu=power.draw,clocks.gr,temperature.gpu --format=csv -l 5
```

Lẹ́yìn náà ṣí géèmù tó wúwo, ta á fún bí ìṣẹ́jú 20, kó o wá padà ka ohun tó kọ sílẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá kọ̀, máa bá tìẹ lọ.

Lórí tèmi, wáàtì dúró gbagidi sí nǹkan bíi 65, ooru kò sì kọjá 70. Káàdì náà kò gbóná rárá, iná ni wọn ò fún un. Kò sí ìpara tó lè wo ìyẹn sàn, nítorí ilé iṣẹ́ ló fi òté lé e. Ṣùgbọ́n tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 110, tí ooru wá ń gun 85 lọ sókè, tí wáàtì sì ń já wálẹ̀ sí 80, ooru ló ń dá a dúró nìyẹn. Ibẹ̀ ni ìpara àti gbígbá eruku inú fáànù ti wúlò. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tó fẹ́lẹ́, pùròsẹ́sọ̀ àti káàdì ló jọ ń lo páìpù bàbà kan náà, kí ọ̀kan gbóná, ó ti kó bá èkejì. Dojú rẹ̀ délẹ̀ kó o wo ihò afẹ́fẹ́: ṣé ó wà lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, àbí ojú kan péré?

Tí wọ́n bá ní wáàtì 140 ni RTX 4060 tiwọn, má jẹ́ kí wọ́n fìyẹn gba owó lọ́wọ́ rẹ. 115 ni, wọ́n fi 25 kún un láti inú ìpín pùròsẹ́sọ̀ nígbà tíyẹn kò bá fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bíi 100, RTX 4060 kì í fi bẹ́ẹ̀ yára sí i nínú ọ̀pọ̀ géèmù. Àwọn tí wọ́n fún ní 65 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ni kó o sá fún, kódà RTX 4050 tó ń jẹ iná dáadáa lè na irú wọn.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, wo ṣájà, wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Fi fóòtì ara rẹ̀ sọ áńpì di púpọ̀: 20 V × 6.75 A jẹ́ wáàtì 135. Tí kọ̀ǹpútà náà bá bá ṣájà 230 jáde nílé iṣẹ́, 135 yẹn á fi ebi pa á. Bátìrì tiẹ̀ burú jùyẹn lọ: tí wọ́n bá mú iná lọ, wáàtì káàdì á já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí náà ṣírò ṣájà yẹn mọ́ ohun tí ínfátà rẹ lè gbé.