Ìlà tó là létí fayolíìnì lásìkò òjò

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá, mò ń ta fayolíìnì ní ìjọ wa ní Èkó. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń dún bíi pé kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ìlà kan là létí rẹ̀, bíríìjì rẹ̀, igi kékeré tó gbé okùn sókè, sì ti fì síwájú. Ṣé kí n fi súpà gúlúù lẹ̀ ẹ́, kí n sì tú gbogbo okùn rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìlà náà wà. Bí ó bá jẹ́ ibi tí pátákó iwájú ti pàdé igi ẹ̀gbẹ́ ni ó là, igi kò tíì fọ́, gúlúù ló jáwọ́. Gúlúù tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran ni a fi ń so fayolíìnì pọ̀; ooru àti ọ̀rinrin máa ń rọ̀ ọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé nígbà tí igi bá wú, gúlúù ni yóò kọ́kọ́ jáwọ́ kí pátákó tó là. Irú gúlúù yẹn náà ni alátùn-únṣe yóò fi lẹ̀ ẹ́ padà. Súpà gúlúù kì í jáwọ́ bọ̀rọ̀, nítorí náà ara igi ni yóò fara gbá a lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ ká ìka yín kò, kí ẹ rọra máa kan etí rẹ̀ yíká. Ibi tó bá lẹ̀ dáadáa yóò dún kó. Ibi tó bá là yóò dún bí ìkòkò tó sán. Lọ́dún tó kọjá, arábìnrin kan gbé tirẹ̀ wá lẹ́yìn tó ti wà nínú búùtù ọkọ̀ lóòrùn ní gbogbo àkókò ìsìn. Ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń fi àgbọ̀n lé, níbi tí òógùn máa ń dé, ló ti là tó ìka mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí ìlà bá tọ ojú igi lọ lórí pátákó iwájú, pàápàá lábẹ́ bíríìjì, ẹ dẹ okùn díẹ̀, ẹ má ta á mọ́, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe lọ́jọ́ náà.

Kò sí gúlúù lábẹ́ bíríìjì, okùn nìkan ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹ bá fa okùn le, ó ń fa orí bíríìjì lọ síhà ọrùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà láàárín ihò méjì tó wà lójú pátákó iwájú, ní ọ̀gangan gígé kéékèèké tó wà ní inú wọn, kí ojú rẹ̀ tó kọ sí ìdí okùn sì dúró ṣánṣán. Ẹ gbé fayolíìnì lé itan, ẹ dẹ okùn díẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ọwọ́ méjèèjì rọra ti orí rẹ̀ padà. Bí ẹ bá fi pẹ́ńsùlù kun ojú ibi tí okùn ń gbà kọjá, yóò máa yọ̀ dáadáa.

Ọ̀pá kékeré kan wà nínú fayolíìnì tí kò ní gúlúù pẹ̀lú. Bí gbogbo okùn bá tú lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè ṣubú. Ìdí nìyí tí a fi ń pààrọ̀ okùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a ó fa tuntun le tán kí a tó yọ èyí tó kàn. Lẹ́yìn ìlò, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu òógùn kúrò lára okùn, torí pé òun ló ń mú un dípẹtà.